Àbúrò mi tún fẹ́ ta kọ́ọ̀lù ìhòòhò: kí ni kí n bi í kí n tó dákẹ́?

Àbẹ̀kẹ́ Ṣikágò

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ni mo gbé wá, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí n kọ ọ́ bí ó ṣe rí, kí n má bu nǹkan kan kù. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, ọmọ ọdún 26 ni. Ọ̀dọ̀ mi níhìn-ín ní Ṣikágò ló ń gbé, iṣẹ́ òru ló ń ṣe ní ilé ìkẹ́rùsí kan, ó sì ti rọra kó 14,000 dọ́là jọ sọ́dọ̀ alágbàtà kan tí ó ń bá a ra ìpín, tí ó sì ń bá a tà á, lórí fóònù.

Ìpín ilé-iṣẹ́ GameStop, èyí tí wọ́n ń kọ ní GME lójú ẹ̀rọ, ni gbogbo ènìyàn ń sọ nígbà náà. Ilé-iṣẹ́ tí ń ta géèmù ni, ọ̀pọ̀ ló sì ti gbà pé òwò rẹ̀ ti ń kú lọ. Nígbà tí ọdún náà bẹ̀rẹ̀, ìpín kan kò tó 20 dọ́là, ṣùgbọ́n nígbà tí ọjà fi pa ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 21, ó ti di 43.03. Àbúrò mi ní ibi tí ó gùn dé yẹn ti pọ̀ jù fún ilé-iṣẹ́ tí kò jèrè. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni ó ta kọ́ọ̀lù mẹ́rin ní iye àdéhùn 60 dọ́là, èyí tí yóò kú ní Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 29. Ohun tí ó ṣe ni pé ó gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí, ó sì ṣèlérí pé bí onítọ̀hún bá béèrè, òun yóò kó ìpín 400 fún un ní 60 dọ́là ọ̀kọ̀ọ̀kan, iyekíye tí ìpín náà ì báà máa jẹ́ lọ́jà. Ìpín GME kan ṣoṣo kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní kọ́ọ̀lù ìhòòhò. 1.50 dọ́là ni wọ́n san fún un lórí ìpín kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 600 dọ́là.

Mo rántí bí ó ṣe gbé fóònù náà kalẹ̀ síwájú mi nígbà tí mo ń gé ilá. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó, 2,321 dọ́là péré ni wọ́n ní kí n fi ṣe ìdógò, 600 sì ti wọlé.” Ìdógò kékeré yẹn ni ó fi dá mi lójú pé ewu rẹ̀ kò lè pọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Ọjọ́ Ẹtì, ọjà pa ní 65.01. Ó ṣírò rẹ̀ pé ìpín ti fi 5.01 kọjá iye àdéhùn, nítorí náà, gbèsè òun kò lè ju 2,004 lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lójú ẹ̀rọ ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ ra kọ́ọ̀lù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà láti bọ́ nínú ìlérí náà yóò san 16 dọ́là lórí ìpín kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 6,400. Ó ní ẹ̀rọ ló ń ṣìṣe, pé tí ó bá di Ọjọ́ Ajé, yóò tún ara rẹ̀ ṣe. Ní Ọjọ́ Ajé, ìpín náà fò dé 159.18 ní òwúrọ̀ nígbà tí ó ń sùn, lẹ́yìn náà ni ó já wálẹ̀, ó sì pa ní 76.79. Jíjá tí ó já yẹn tún fi í lọ́kàn balẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ó lè fi 28 dọ́là ra kọ́ọ̀lù rẹ̀ padà, ìyẹn 11,200, kí 3,400 ṣì kù sí i lọ́wọ́. Alágbàtà ti kọ ìwé sí i pé ìdógò rẹ̀ kò tó mọ́, kí ó fi bí 2,700 kún un. Èmi ni mo yá a ní 3,000.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Ìpín bẹ̀rẹ̀ ní 88.56 ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ tiwa, ó sì ń gun òkè ṣáá títí ó fi pa ní 147.98. Ní ọ̀sán, alágbàtà fúnra rẹ̀ ra kọ́ọ̀lù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà ní 102 dọ́là, láì tún béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. 40,800 ni wọ́n san, 17,600 ni gbogbo ohun tí ó ní sì jẹ́. Nígbà tí ó jí, ó gbé fóònù wá bá mi, ó sì ń fi àtàǹpàkò nu ojú fóònù náà, nítorí ó rò pé ìdọ̀tí ni ìlà kékeré tí ó wà níwájú 23,200 náà.

Òun àti alágbàtà jọ ṣe àdéhùn sísan díẹ̀díẹ̀, ó sì ti san án tán. Ní báyìí, ó tún ti rí ìpín mìíràn tí ó ń gun òkè, ó sì fẹ́ ta kọ́ọ̀lù lé e lórí láìní ìpín náà. Ó ní ilé-iṣẹ́ ńlá ni, kì í ṣe irú GME, àti pé òun yóò fi àṣẹ sílẹ̀ pé kí wọ́n ra kọ́ọ̀lù padà fúnra wọn bí ó bá ti dé iye kan. Kí ni kí n bi í? Ṣé ìpín tí ó yàn nígbà náà ni àṣìṣe rẹ̀, àbí òwò náà gan-an?

Òṣómàáló Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìnára, ìyá wa. Èrò tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Àbúrò yín kò ṣi ìpín náà wò rárá. Ní ọjọ́ 2 oṣù kejì, GME ti padà sí 90, nígbà tí ó sì fi di ọjọ́ 19 oṣù kan náà, ó pa ní 40.59, èyí tí kò tó iye tí ó wà ní ọjọ́ tí ó ta kọ́ọ̀lù. Òótọ́ ni ohun tí ó sọ pé kò lè dúró sókè. Alágbàtà tí kò ní sùúrù ló bà á jẹ́. Bí ó bá ní owó púpọ̀ lẹ́yìn, tí ó sì ta kọ́ọ̀lù kan ṣoṣo dípò mẹ́rin, òun ni ì bá jẹ èrè. Ẹ jẹ́ kí ó tún un ṣe, ṣùgbọ́n kí ó dín in kù.

Baba Ìṣirò

Ọ̀rẹ́ mi Òṣómàáló, òótọ́ ni apá kan nínú ọ̀rọ̀ yín: kọ́ọ̀lù kan sàn ju mẹ́rin lọ, ìpín náà sì wálẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbàgbé pé kọ́ọ̀lù ní ọjọ́ ikú. Ọjọ́ 29 oṣù kìíní ni èyí tí ọmọ náà tà yóò kú, 325 dọ́là sì ni GME pa ní ọjọ́ yẹn. Kí a ní alágbàtà fi í sílẹ̀ bí ẹ ṣe fẹ́. Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 27, ìpín pa ní 347.51. Ẹ yọ 60 kúrò, ẹ fi 400 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí 115,004 dọ́là. Ní Ọjọ́bọ̀, ó dé 483 kí ó tó já. Ní Ọjọ́ Ẹtì tí àdéhùn kú, gbèsè rẹ̀ ì bá jẹ́ 106,000. Ọwọ́ líle tí alágbàtà fi gbá a mú ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun dùn ún, ṣùgbọ́n òun ni kò jẹ́ kí 23,200 di ohun tí ọmọ iṣẹ́ òru kò lè san láyé. Ìpín tí ó já ní oṣù kejì kò ṣe ẹni tí àdéhùn rẹ̀ ti kú ní oṣù kìíní láǹfààní kankan.

Ìyá wa, ìdáhùn mi sí ìbéèrè yín ni pé òwò náà ni, kì í ṣe ìpín tí ó yàn. Ẹni tí ó ra ìpín ní 43 mọ ibi tí ìṣubú rẹ̀ parí sí, nítorí ìpín kò lè kọjá òdo wálẹ̀. Ẹni tí ó ṣèlérí ìpín tí kò ní lọ́wọ́ ń wo òkè, òkè kò sì ní àjà. 600 dọ́là ni èrè tí ó pọ̀ jù lọ tí ó lè jẹ, ó sì ti gbà á tán lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà lọ, kò sí ohun rere kan tí ó kù tí ó lè ṣẹlẹ̀ sí i ju kí nǹkan kan má ṣẹlẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa 2,321 yẹn, nítorí òun ni mo rò pé ó tan ẹ̀yin méjèèjì. Ìṣirò tí ó wọ́pọ̀ níbí ni pé wọ́n máa ń mú iye tí kọ́ọ̀lù ń jẹ́ lọ́jà, wọn a fi ìdá 20 nínú 100 iye ìpín kún un, wọn a sì yọ bí iye àdéhùn ṣe jìnnà sókè tó kúrò. Bí ó bá jìnnà púpọ̀ bí ti ọmọ yìí, wọn kì í jẹ́ kí ó wálẹ̀ ju iye kọ́ọ̀lù pẹ̀lú ìdá 10 nínú 100 iye ìpín lọ. 1.50 pẹ̀lú 4.303, lọ́nà 400, òun ni ẹ rí yẹn. Iye tí ó ń ṣọ́ ọjọ́ òní ni, kò sọ ohun kan nípa ọ̀la. Nígbà tí kọ́ọ̀lù di 102, tí ìpín sì di 147.98, ìṣirò kan náà yóò béèrè 52,638 dọ́là. Apá méjèèjì ìṣirò náà ni ó ń wú papọ̀, wọ́n sì ń wú ní ọjọ́ tí owó ọwọ́ rẹ ń gbẹ. Ẹni tí ó bá wo ìdógò bí ìwọ̀n ewu ti fi okùn tí wọ́n so mọ́ ewúrẹ́ wọn ìrìn àjò ewúrẹ́ tí okùn rẹ̀ já.

Akínkanjú Atílántà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ṣùgbọ́n ìtàn yìí kò yé mi. Mo ti ṣe kọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo pàdánù lẹ́ẹ̀mejì, n kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè rí. 200 dọ́là tí mo fi sí i ló lọ, ó parí. Báwo ni ó ṣe wá di 23,200? Èkejì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí àwòrán iye GME lórí fóònù mi. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2021, 86.88 ló pa. Kò sí 347 níbẹ̀ rárá.

Àbẹ̀kẹ́ Ṣikágò

Àbúrò mi, ẹ̀yin rà á, òun tà á. Owó tí ẹ san tí ó lọ yẹn, ọwọ́ irú àbúrò mi ni ó bọ́ sí.

Baba Ìṣirò

Akínkanjú, ẹ kú àkíyèsí. Àwòrán yín kò purọ́. Ní oṣù keje ọdún 2022, GameStop pín ìpín kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin, ẹ̀rọ sì máa ń padà sẹ́yìn láti fi mẹ́rin pín gbogbo iye àtijọ́. Ẹ fi mẹ́rin sọ 86.88 di púpọ̀, ẹ ó bá wa níbi tí a wà. Ó tọ́ kí gbogbo ẹni tí ó ń ka ìtàn àtijọ́ lórí àwòrán tuntun máa rántí èyí, kí ó má baà ro pé fífò náà kéré.

Ìyá Ẹlẹ́wà Bódìjà

Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò mọ ọjà ìpín, ọmọ mi obìnrin ni ó ń bá mi tẹ èyí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ti ọmọkùnrin yìí, orí mi wú, nítorí mo ti ta ohun tí n kò ní rí. Ní ọdún kan, obìnrin kan tí ń se oúnjẹ fún ilé ẹ̀kọ́ wá bá mi, ó san owó àpò ẹ̀wà 20 ṣáájú ní 45,000 náírà àpò kan, ó ní òun yóò wá kó o lẹ́yìn oṣù kan. Ẹ̀wà kò sí ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo kàn mọ̀ pé ọkọ̀ máa ń wọlé láti òkè lọ́hùn-ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo sì ń wò ó pé yóò já sí 40,000. Òjò dí ọ̀nà, ọkọ̀ kò wá, àpò kan di 62,000. Bí mo bá rà á láti fi mú àdéhùn ṣẹ, 340,000 náírà ni n óò fi kún owó rẹ̀ láti inú àpò mi.

Mo lọ bá obìnrin náà nílé. Mo kúnlẹ̀, mo sọ òtítọ́ fún un. Ó ní kí n kó àpò 12 wá, kí ìyókù dúró di ìgbà tí ẹ̀wà tuntun bá dé. Nítorí náà, kí ọmọ náà lọ bẹ ẹni tí ó ra kọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀. Ènìyàn ni òun náà, yóò gbọ́.

Baba Ìṣirò

Ìyá wa, ẹ ṣeun gan-an. Òwò kan náà ni ẹ ṣe, ohun tí ẹ sì rí gan-an ni ọmọ náà rí. Ibi tí ó ti yàtọ̀ ni ibi ẹ̀bẹ̀. Ẹ mọ ilé obìnrin yẹn. Ọmọ yìí kò lè mọ ẹni tí ó rà á, ẹni náà kò sì mọ̀ ọ́n, nítorí ilé-iṣẹ́ kan wà láàárín gbogbo olùtà àti olùrà ọ́pùṣọ̀n, irú àdéhùn tí kọ́ọ̀lù jẹ́ ọ̀kan nínú rẹ̀, ní Amẹ́ríkà, níhìn-ín ní Ṣikágò gan-an ni ibùjókòó rẹ̀ wà. Òun ni ó ń ṣe onídùúró fún ẹni tí ó rà. Nítorí pé ó ti ṣe onídùúró, kò lè gba ẹ̀bẹ̀. Lọ́dọ̀ alágbàtà nìkan ni ènìyàn ti lè bẹ̀bẹ̀, ìyẹn náà sì jẹ́ nípa bí a ó ṣe san gbèsè, kì í ṣe bóyá a ó san án.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí 6,400 ti Ọjọ́ Ẹtì, èyí tí ọmọ náà sọ pé ẹ̀rọ ṣìṣe. Ẹ̀rọ kò ṣìṣe. 5.01 ni ìpín fi kọjá iye àdéhùn, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan ṣì kù, ìpín náà sì ti fò láti 43 sí 65 ní ọjọ́ kan. Ta ni yóò fi 5 dọ́là ta irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ padà fún un? Dọ́là 11 tí ó kù jẹ́ owó ìbẹ̀rù. Ẹni tí ó ta kọ́ọ̀lù ìhòòhò ń jẹ gbèsè lọ́nà méjì ní ọjọ́ kan náà: ìpín ń gun òkè, owó ìbẹ̀rù náà ń gun òkè. Ó lè jẹ̀bi owó ńlá kí ìpín tó dé iye àdéhùn rárá. Àmì tí ènìyàn fi ń mọ̀ pé ọ̀ràn ti kọjá agbára rẹ̀ ni èyí: bí iye tí wọ́n ń béèrè láti ra kọ́ọ̀lù padà bá ń yára ju ìṣirò tí o fi ọwọ́ ṣe lọ, ọjà mọ ohun tí ìwọ kò mọ̀.

Òṣómàáló Lọ́ńdọ̀nù

Mo gba ti ọjọ́ ikú, mo gbàgbé rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n fífò GME kì í ṣe ohun tí yóò tún ṣẹlẹ̀ sí ilé-iṣẹ́ ńlá. Ìpín tí àwọn kan yá tà, nítorí wọ́n rò pé yóò já kí wọ́n tó rà á padà, ti pọ̀ ju ìpín tí ó wà lọ́jà lọ, wọ́n sì ń du ara wọn láti rà á padà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, gbogbo ilé-iṣẹ́ ńlá tí ó ta kọ́ọ̀lù fún àwọn ọ̀dọ́ ń ra ìpín láti fi dáàbò bo ara wọn, rírà yẹn gan-an ni ó sì ń ti iye rẹ̀ sókè.

Akọ̀wé Owó Maryland

Apá àkọ́kọ́ dájú. Àwọn òṣìṣẹ́ àjọ SEC, tí ń bójú tó ọjà ìpín ní Amẹ́ríkà, gbé ìròyìn jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìpín GME tí wọ́n yá tà ju ìdá 100 nínú 100 èyí tí ó wà lọ́wọ́ aráàlú lọ. Ṣùgbọ́n ìròyìn náà kan náà sọ pé àwọn kò rí ẹ̀rí pé dídáàbò bo kọ́ọ̀lù ni ó ti iye náà sókè bí ẹ ti wí. Wọ́n ní rírà padà tí àwọn tó yá ìpín tà ṣe kó ipa, àmọ́ rírà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà á ni ó mú kí ó dúró sókè.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn ni owó orí. Àdánù kọ́ọ̀lù tí a tà jẹ́ àdánù tí a lè fi pa èrè ìdókòwò mìíràn rẹ́. Bí kò bá sí èrè, 3,000 dọ́là ni a lè yọ kúrò nínú owó iṣẹ́ lọ́dún kan, ìyókù a sì máa yí sí ọdún tí ó ń bọ̀. 40,200 ni àdánù àbúrò yín. Ẹ bi í bóyá ó kọ ọ́ sínú ìwé owó orí ọdún 2021, kí ó sì gbé e lọ bá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà.

Òṣómàáló Lọ́ńdọ̀nù

Mo ti ka ìròyìn yẹn nígbà kan. N kò gbà pé ohun tí wọn kò rí ni kò sí, ṣùgbọ́n n kò lè fi ẹ̀rí gbè é lẹ́yìn níhìn-ín.

Àbúrò Àbẹ̀kẹ́

Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin àgbà. Èmi gan-an ni ọmọ náà. Ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ́ bí ó ṣe rí. Ohun kan tí òun kò lè mọ̀ ni ohun tí ó wà lọ́kàn mi ní alẹ́ Ọjọ́ Ajé. Mo ti tẹ àṣẹ láti ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà, ó ku kí n fọwọ́ sí i. Mo wo 3,400 tí yóò kù, mo wo 14,000 tí mo fi bẹ̀rẹ̀, mo sì pa á rẹ́. Mo ní bí ó bá já sí 60 lọ́la, n óò jáde. Ìpín kò dé 60 mọ́ ní ọ̀sẹ̀ náà.

Nípa ti ìsinsìnyí, ìpín tí mo ń wò jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ ńlá lóòótọ́. Èmi kò ní sùn ní àkókò ọjà mọ́, àṣẹ ìràpadà yóò sì wà nílẹ̀. Ṣé ìyẹn kò tó ni?

Baba Ìṣirò

O ṣeun tí o wọlé, ọmọ mi. Àṣẹ ìràpadà kì í ṣiṣẹ́ nígbà tí ọjà bá ti pa. Wo ohun tí ó wà nínú ìtàn ara rẹ. GME pa ní 147.98 ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí ọjà pa ní ọjọ́ náà, Elon Musk kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lórí ayélujára, “Gamestonk!!”, pẹ̀lú ìtọ́kasí ibi tí àwọn olùrà ń pàdé. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, ìpín ṣí ní 354.83. Kò sí ẹni tí ó tà á fún ẹnikẹ́ni ní 200 tàbí ní 300 ní wákàtí ọjà kí ó tó ṣí níbẹ̀. Àṣẹ tí o fi sílẹ̀ pé kí wọ́n rà á padà bí ìpín bá ti dé 160 yóò jí ní aago mẹ́jọ ààbọ̀, yóò sì rà á ní iye tí ó bá bá níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ńlá kì í fò bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìròyìn èrè oṣù mẹ́ta-mẹ́ta wọn sábà máa ń jáde lẹ́yìn tí ọjà bá ti pa tàbí kí ó tó ṣí, ìfilọ̀ pé ẹlòmíràn fẹ́ ra ilé-iṣẹ́ náà sì sábà máa ń jáde kí ọjà tó ṣí. Kò sí èyí tí o lè fi ojú ṣọ́ nínú méjèèjì.

Bí ó bá dá ọ lójú pé ìpín kò ní kọjá ibì kan, ta kọ́ọ̀lù náà, kí o sì ra òmíràn sókè rẹ̀ ní ọjọ́ ikú kan náà. Ní Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 21 yẹn, ká sọ pé o ta ti 50 ní 2.50, o sì ra ti 60 ní 1.50. Dọ́là 1 ni o gbà lórí ìpín kọ̀ọ̀kan, 400 fún mẹ́rin. Bí GME bá dé 483, ìwọ yóò fún ẹnìkan ní 50, ìwọ náà yóò sì gbà á ní 60. Àdánù rẹ kò ní ju 3,600 lọ. 60 ni o tà, 60 sì ni iye àdéhùn tí ó ga jù tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Kò sí èyí tí o lè rà lókè rẹ̀. Nígbà tí o bá dúró sí àtẹ̀gùn tí ó kẹ́yìn, tí kò sí òmíràn lókè, àmì nìyẹn láti má ta.

Akínkanjú Atílántà

Ó ti yé mi báyìí. Ṣé bí mo bá ní ìpín 100 nílẹ̀ tí mo sì ta kọ́ọ̀lù kan lé e lórí, kì í ṣe ìhòòhò mọ́?

Baba Ìṣirò

Kì í ṣe ìhòòhò mọ́. Bí ó bá gun òkè, ìpín tí o ní ni o fi lé e lọ́wọ́. Ohun tí ó kù láti bẹ̀rù ni kí ìpín náà já, nítorí owó díẹ̀ tí o gbà lórí kọ́ọ̀lù kò lè bo ìṣubú ńlá.

Sí ọmọ Ṣikágò, kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un nípa títa ọ̀kan àti ríra òmíràn. Ó ní ihò kan, ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì tí àdéhùn ń kú ni ihò náà wà. Bí ìpín bá pa láàárín iye àdéhùn méjèèjì, èyí tí o rà yóò kú lásán, wọ́n á sì béèrè èyí tí o tà lọ́wọ́ rẹ. Ní Sátidé, ìwọ yóò jí bí ẹni tí ó jẹ gbèsè ìpín 400 láìní in, kò sì ní sí ohun ìdáàbòbò kankan títí di Ọjọ́ Ajé. Ra méjèèjì padà kí ọ̀sán ọjọ́ ikú tó pọ́n, kódà bí ó bá ń ná ọ ní owó díẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Ṣikágò

Mo bi í nípa owó orí. Ó kọ àdánù náà sínú ìwé 2021, ṣùgbọ́n kò mọ bóyá ẹni tí ó bá a ṣe ìwé náà gbé ìyókù lọ sí ọdún tí ó tẹ̀ lé e. A ó wá àwọn ìwé náà.

Àbúrò Àbẹ̀kẹ́

Ẹ ṣeun, bàbá. N kò tíì pinnu bóyá n óò tún ta ohunkóhun. Mo rí i nínú ìwé àkáǹtì mi pé àyè tí wọ́n fún mi láti ta kọ́ọ̀lù láìní ìpín ṣì ṣí sílẹ̀ láti ọdún 2021, ẹnikẹ́ni kò tì í. Ní alẹ́ àná, mo kọ̀wé sí alágbàtà pé kí wọ́n dín in kù sí èyí tí kò ní jẹ́ kí n ta kọ́ọ̀lù láì ra òmíràn sókè rẹ̀. Wọn kò tíì fèsì.